Yorùbá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lẹ́nu àgbàlagbà

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí àwọn òbí mi kó wa wá sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2000. Mo ti pé 34 báyìí. Kò sí ohun tí wọ́n sọ ní Yorùbá tí kì í yé mi, àmọ́ tí mo bá ti lanu, ẹ̀rín ni. Nígbà tí a lọ sin ìyá bàbá mi, mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Màmá Mọ́kọ́lá, mo ní, 'Inú mi dùn láti rí ẹ, mà.' Gbogbo pálọ̀ dákẹ́. Òyìnbó ni àwọn ọmọ ẹbí ń pè mí. Tí mo bá padà síbí, àwọn ará ibi iṣẹ́ á tún ní níbo ni mo ti wá gan-an. Níbo gan-an ni mo ti wá? Àbí ẹ̀pa ò bóró mọ́?"

Jẹ́ ká mú gbólóhùn tó mú pálọ̀ dákẹ́ yẹn, nítorí inú ẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ rẹ wà. Ó dá mi lójú pé ìfẹ́ lo fi sọ ọ́, Màmá Mọ́kọ́lá náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, àṣìṣe mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó kan bí ohùn rẹ ṣe ń dún. Ọdún pọ̀ tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbà tó dàgbà síbí ní Yorùbá, gbogbo wọn ló máa ń rò pé ìró ẹnu ni wọ́n fi ń dá àwọn mọ̀ nílé. Ẹni tó kúrò ní Ìbàdàn lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án ti gba ìró ẹnu rẹ̀ kó tó wọ bàálù. "Gb" rẹ ṣì wà níbẹ̀, ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ibòmíràn ló ti ń jò.

Àkọ́kọ́ ni "ẹ" yẹn. Wọ́n kọ́ ọ ní kékeré pé "ẹ" la fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀, "o" la fi ń bá ẹgbẹ́ ẹni sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ iwájú gbólóhùn ló wà: "ẹ jókòó", "ẹ ti dé". Àmọ́ bó bá ti bọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, tàbí sẹ́yìn orúkọ nǹkan, ó ti di ti ọmọdé àti ti ẹgbẹ́ ẹni. "Mo rí ẹ lánàá." "Màá nà ẹ́." "Bàbá ẹ ń pè ẹ́." Àgbà kì í jẹ́ "ẹ" níbẹ̀, "yín" ni: mo rí yín, ilé yín, wọ́n ń pè yín. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀wọ̀ ni níwájú, ó di àrífín lẹ́yìn. O rántí pé kí o lo "ẹ", o lò ó tọkàntọkàn, o sì fi pe ẹni àádọ́rin ọdún bí ẹni ń pe àbúrò rẹ. O tún wá fi "mà" dé e lórí, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn tó wà ní pálọ̀ má mọ̀ bóyá kí wọ́n bínú ni tàbí kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Báwo ni ọmọ ṣe ń mọ èyí nílé? Kò sí ẹni tó ń jókòó ṣàlàyé ẹ̀ fún un. Ó ń gbọ́ ọ ni. Ó ń gbọ́ bí ìyàwó ilé ṣe ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí ọmọ-iṣẹ́ ṣe ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, bí àwọn tó fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ ṣe ń bẹ bàbá àgbà. Nígbà tí ẹ dé Lọ́ńdọ̀nù, ta lo tún ń gbọ́? Ilé yín kò ju èèyàn mẹ́rin lọ, bó bá rí bíi tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó kù. Màmá rẹ ló ń sọ Yorùbá, ìwọ ló sì ń sọ ọ́ sí: "Wá jẹun. Ṣó o ti ṣe họ́múwọ́ọ̀kì ẹ? Pa tẹlifísọ̀n yẹn. Lọ kí dádì ẹ." Ìwọ á dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Yorùbá tí wọ́n ń fi bá ọmọdé sọ̀rọ̀ lo ń gbọ́. Àṣẹ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ìwọ ni wọ́n sì ń pàṣẹ fún. O gbọ́ "ẹ́" lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ní ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, agbára káká lo fi ń gbọ́ "yín". Ohun tí wọ́n fún ọ gan-an lo gbé padà fún wọn ní Ìbàdàn. Torí náà, mi ò gbà pé àìlẹ́kọ̀ọ́ ni, bí àwọn kan ṣe máa ń yára sọ.

Àṣìṣe kejì nìyí: "Inú mi dùn láti rí ẹ" kò ní ẹyọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan nínú, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wọ bùbá ni. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí, bó bá pàdé ẹni tó ti ń wojú rẹ̀ tipẹ́, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" ló máa sọ. Wá gbọ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí tó ń pè ọ́ ní òyìnbó yẹn ṣe máa ń bá Màmá sọ̀rọ̀: "Mo kọ́ọ̀lù yín láàárọ̀ mà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò dáa." Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ló wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa pe olúwarẹ̀ ní òyìnbó, torí "yín" wà láyè rẹ̀, gbólóhùn náà sì tò bí Yorùbá ṣe ń tò ó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi ló ń fi oṣù mélòó kan lé Gẹ̀ẹ́sì kúrò lẹ́nu, tí wọ́n ń wá orúkọ Yorùbá fún fíríìjì. Àṣedànù ni. Àwọn tó wà nílé gan-an ń pè é ní fíríìjì.

Ẹ̀kẹta, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ìyá tó bí wọn, inú rẹ wá dùn. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù, mà" ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ. Bí wọ́n bá ti sin ín tán, tí ó sì jẹ́ arúgbó tó fi ọmọ sílẹ̀, ó di "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ̀yìn màmá á dára." Wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á sì gbé ọ dìde. Ìyẹn ni ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kì í mọ̀, àní èyí tó ń gbé ní Ìbàdàn, torí ọmọdé kì í ṣe agbẹnusọ níbi òkú. Ẹgbẹ́ rẹ tó wà nílé kọ́ ọ láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rán an lọ síbi ìnáwó dípò ìyá rẹ̀. Ìwọ wà ní yunifásítì níbí nígbà náà.

Bóyá o rò pé mo ń sọ ọ̀rọ̀ ìkíni di ńlá. Rántí Fírítáùn ní Sierra Leone. Láàárín 1808 sí 1860, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lọ. Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, wọ́n bára wọn níbẹ̀ láìmọ̀ pé orúkọ kan wà tó pa gbogbo wọn pọ̀. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ gbọ́ lẹ́nu wọn ni "ẹ kú" báyìí, "a kú" báyìí, wọ́n bá sọ wọ́n ní Akú. Ìkíni di orúkọ ẹ̀yà.

Ọ̀kan nínú wọn ni Àjàyí, tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, ọmọ bí ọdún méjìlá. Ó di 1846 kó tó fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, bíi tìrẹ gẹ́lẹ́. Àmọ́ kì í ṣe ilé èèyàn mẹ́rin ló gbé ní Fírítáùn; àárín àwọn Akú ló wà, àgbà wà níbẹ̀, òkú ń kú, ọmọ ń jáde, wọ́n ń ná ọjà. Òun ló kó àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ sínú ìwé tó jáde ní 1843, òun ló sì ṣe alága ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Yorùbá tí gbogbo wa ń kọ lónìí, ẹni tó ti kúrò nílé ló pọ̀ nínú àwọn tó tún un tò.

Mi ò sọ pé ilé gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn tó ti Fírítáùn padà sí Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń pè ní Sàró, Ẹ̀gbá ni ọ̀pọ̀ wọn, síbẹ̀ nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní 1867, tí a ń pè ní Ìfọ́lé, tí wọ́n lé àwọn míṣọ́nárì jáde, ọ̀pọ̀ Sàró ló bá wọn kó lọ sí Èkó. Ti àwọn tó ti Bràsíl bọ̀ tún yani lẹ́nu jù. Ní Báhíà, Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ni pé ará Yorùbá ni wọ́n lójú àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n dé Èkó, wọ́n di Àgùdà. Orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù àti èyí tí wọ́n ń pè ọ́ ní Ìbàdàn, irú ìyẹn náà ni. Àdúgbò tí wọ́n tẹ̀dó sí ní Erékùṣù Èkó ṣì ń jẹ́ Pópó Àgùdà títí dòní, wọ́n ṣì ń se fréjọ̀n lọ́jọ́ Jímọ̀ Rere, kò sì sí ọmọ Èkó tó máa sọ fún ọ pé àwọn yẹn kì í ṣe ọmọ Èkó.

Ó tún ku ohun kan tí ìwọ fúnra rẹ lè má tíì ṣàkíyèsí. Ìbàdàn tí o fi sílẹ̀ kò sí mọ́, àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà sì ti yí. Ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká tó tà kárí dé Nàìjíríà, o ti lọ. "Fíláàṣì mi", "káàdì mi ti tán", "dátà ò wọlé", "ṣé ẹ ti rí áláàtì?", "mo fẹ́ gbowó lọ́wọ́ oní-pí-ọ́-ẹ̀sì", gbogbo èyí kò sí nínú Yorùbá rẹ, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹbí ń sáré sọ̀rọ̀, tí o rò pé Yorùbá wọn jinlẹ̀ ju tìrẹ lọ, ìdajì ohun tó ń sá mọ́ ọ lọ́wọ́ kò jinlẹ̀ rárá. Ó tuntun ni. Ọ̀sẹ̀ méjì ní Bódìjà tó láti kó o jọ.

Ní ti pé bóyá ẹ̀pa ò bóró mọ́: ní 2003, àwọn onímọ̀ ọpọlọ ní Faransé yẹ àwọn àgbà kan wò tí wọ́n bí ní Kòríà, tí àwọn ìdílé Faransé gbà tọ́ nígbà tí wọ́n wà láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́jọ. Èdè Kòríà kò yàtọ̀ létí wọn sí èdè àjèjì mìíràn. Wọn kò gbọ́ ọ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kúrò. Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Màmá rẹ kò jẹ́ kí etí rẹ kú. Ohun tó kù ni láti mú ẹnu dàgbà bá etí.

Jẹ́ n sọ ti akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fún ọ. Àkáǹtáǹtì ni, ọmọ ọdún méje ló fi Ìjẹ̀bú-Òde sílẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní kó fi ìṣẹ́jú méjì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún mi ní Yorùbá, mo sì tan fóònù sílẹ̀ láti gbà á. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó dákẹ́. Ó rò pé orúkọ nǹkan ló wọ́n òun. A tún un gbọ́ pọ̀, a rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀: ibi gbogbo tó ti dúró, ọ̀rọ̀ tó ń so gbólóhùn pọ̀ ló ń wá. Ó ní "torí" àti "ṣùgbọ́n" àti "tí mo bá", àwọn tí ọmọdé ń lò. Kò ní "bó tilẹ̀ jẹ́ pé", kò ní "ó dá lórí", kò ní "kàkà kí", kò ní "àfi bí". Ọmọ ọdún méje kì í jiyàn bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìgbà tó tún bá ẹnikẹ́ni jiyàn ní Yorùbá. Dán tìrẹ wò lálẹ́ òní, wàá mọ ibi tí ilé ti ń jò.

Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin wà ní Ìjẹ̀bú. A fi àdéhùn sí i: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́jọọ́ Sọ́ńdè. Bí orúkọ nǹkan bá sọnù, kó ṣàpèjúwe ẹ̀, kó bèèrè pé "Kí là ń pè é?" Bí fóònù bá kú, kó kọ ibi tó ti há sílẹ̀, kó má ju márùn-ún lọ, kó gbé e wá fún mi ní Sátidé. Oṣù kìíní bà jẹ́ pátápátá. Kì í pẹ́ tí ìyá yẹn á ti yí sí Gẹ̀ẹ́sì, torí àánú. Mo bi akẹ́kọ̀ọ́ mi pé báwo ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ó ní òun máa ń kọ́kọ́ tọrọ àforíjì pé Yorùbá òun ò dáa. Ní Gẹ̀ẹ́sì! Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tí kò ní ràn án lọ́wọ́? Mo ní kó fi gbólóhùn kan rọ́pò ẹ̀: "Ẹ má yí i sí Gẹ̀ẹ́sì fún mi, mà. Ẹ jẹ́ n máa wá a." Ó sọ ọ́, ìyá rẹ́rìn-ín, ó sì ń dúró dè é láti ọjọ́ náà.

"Yín" ló pẹ́ jù kó tó wọlé. Mo máa ń sọ gbólóhùn bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀, òun á yí i padà bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀: "Mo ti rí ìwé ẹ" á di "Mo ti rí ìwé yín", "Ta ló sọ fún ẹ?" á di "Ta ló sọ fún yín?" Ogún irú ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, sókè, kì í ṣe nínú ìwé. Ní oṣù karùn-ún, ó ṣàlàyé owó ìfẹ̀yìntì fún bàbá rẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, bàbá sì bá a jiyàn, èyí tí wọn ò ṣe rí ní Yorùbá. Òwe kò tíì gbà á lẹ́nu, mo sì ní kó má fi ipá pa á, torí òwe tí ẹni tó kéré bá pa láàárín àgbà láìtọrọ ìyọ̀ǹda tún lè dá pálọ̀ mìíràn dákẹ́. Nọ́ńbà náà, Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì ń kà á. Ta ló ń sọ "àrùndínláàádọ́rin" lọ́jà Bódìjà lónìí?

Mi ò ní pẹ́ lórí ti àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ. Gẹ̀ẹ́sì rẹ kò ní àbùkù kankan, ojú rẹ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó bèèrè, kò sì sí ohun tí èmi olùkọ́ èdè lè kọ́ ọ tó máa yí ìyẹn padà. Orúkọ "òyìnbó" náà, bó bá jẹ́ ti pọ́n-ùn tí wọ́n rò pé o kó wálé, ó máa bá ọ débi tí o bá dé, kódà bí Yorùbá rẹ bá gún régé. Ohun tí mo fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ ni pé: bí wọ́n bá pè ọ́ ní òyìnbó tí wọ́n sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ ní Yorùbá, àpárá ni, fi àpárá dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá pè ọ́ tán tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti gbé ọ síta nìyẹn, kí o yára wọlé padà.

Pe Màmá Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, má dúró de Kérésì. Má ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti gbàgbé ẹ̀ tàbí kí wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ tó bó ṣe yẹ. Sọ pé, "Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí n gbọ́ ohùn yín ni." Lẹ́yìn náà, dákẹ́, kí o jẹ́ kí wọ́n bi ọ́ léèrè iṣẹ́, ilé, àti ìgbà tí o fẹ́ mú ọkọ wá. Bí wọ́n bá fẹ́ yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, o ti mọ ohun tí wàá sọ.